Abala Featured lórí LinkedIn: nínú nǹkan mẹ́sàn-án, èwo ni kí n gbé síwájú?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, mo sì ń wá iṣẹ́ tí mo lè máa ti ilé ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Èkó tàbí lókè òkun. Nǹkan mẹ́sàn-án ló wà nínú abala Featured mi báyìí: ìwé-ẹ̀rí kọ́ọ̀sì mẹ́rin, PDF kan tí mo pè ní "Portfolio final 2", líǹkì dáṣíbọ́ọ̀dù Power BI kan, àpilẹ̀kọ kan tí èmi àti olùkọ́ mi jọ kọ sínú jọ́nà, àti pósìtì méjì. Àwọn èèyàn ń wo pírófáìlì mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń mẹ́nu kan iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tí wọ́n bá kọ̀wé sí mi.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n rí jù ni èyí tí mo ṣe fún ilé oògùn mẹ́ta tí ẹnì kan náà ni. Oògùn ń kọjá ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí àtẹ, a sì bá wọn dín in kù. Inú PDF yẹn ló wà, láti ojú ìwé 14 lọ. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe tò ó?

Káyọ̀dé_Màkẹ́tì

Má yọ ìkankan o. Ohun tó bá pọ̀ ló ń fi hàn pé èèyàn ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí n mú pósìtì tí èèyàn fẹ́ràn jù nínú méjèèjì wá síwájú, torí pé iye àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àtàwọn tó fèsì sí i máa ń hàn lára káàdì rẹ̀. Tí àlejò bá ti rí i pé àwọn ẹlòmíì ti gba tìẹ, òun náà á dúró. Kí o sì kó àwọn ọ̀rọ̀ bíi "data analyst" àti "Power BI" sínú àkọlé gbogbo wọn, kí o lè máa jáde nígbà tí wọ́n bá ń wá òṣìṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Káyọ̀dé, apá kan nínú ohun tí o sọ dáa. Lóòótọ́ ni iye yẹn máa ń hàn lára pósìtì, ó sì ní agbára tiẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò wúlò àfi tí pósìtì ọ̀hún fúnra rẹ̀ bá ń sọ nípa iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìkíni ọjọ́ ìbí ni igba èèyàn fẹ́ràn, kí ni agbanisíṣẹ́ fẹ́ fi ṣe? Ní ti ìwákiri, orí ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ, abala About, abala iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe, àti Skills ni kí ó kó àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sí. Má ṣe gbára lé àkọlé inú Featured fún un. Ẹni tó ti dé orí pírófáìlì náà tán ni Featured wà fún.

Àdùkẹ́, àbúrò mi, ojú tí àlejò fi ń wò ó ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan bíi káàdì mẹ́ta ló máa ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí fóònù, káàdì kan ni, pẹ̀lú etí èkejì. Ìyókù, àfi kí èèyàn fi ọwọ́ fà á tàbí kó tẹ ọfà. Ohun tí o bá fi síbẹ̀ kẹ́yìn ló sì máa ń bọ́ síwájú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura pé ìwé-ẹ̀rí kọ́ọ̀sì ló ń dá àwọn àlejò rẹ lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n. Ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta ló wà níwájú.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ó dáa. Ìwé-ẹ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wọn lọ sí "Licenses & certifications", ibẹ̀ ni ilé wọn. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí o fi sílẹ̀ nínú Featured, kí ìkọ̀ọ̀kan sì dáhùn ìbéèrè tirẹ̀. Àkọ́kọ́: iṣẹ́ wo lo ti ṣe tó yọrí sí nǹkan? Iṣẹ́ oògùn nìyẹn, yọ ọ́ kúrò nínú PDF ńlá yẹn kó dá dúró. Kò sẹ́ni tó máa ka ojú ìwé 13 kó tó dé ibi ọbẹ̀ tó dùn. Èkejì: ṣé ẹlòmíì ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò rí? Àpilẹ̀kọ jọ́nà nìyẹn. Ẹ̀kẹta: ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn kó rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyẹn dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí ọ̀kan nínú pósìtì méjèèjì bá ń sọ nípa iṣẹ́, ó lè ṣe ìkẹrin.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Lórí pírófáìlì rẹ, lọ sí abala Featured, tẹ pẹ́ńsù. Wàá rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, o lè pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, o sì lè tún wọn tò nípa fífà wọ́n sókè sódò. Àmì + ni wọ́n fi ń fi tuntun kún un: "Add a link" fún líǹkì, "Add media" fún PDF tàbí àwòrán. Ẹni tí kò bá tíì ní abala yìí rárá, kó tẹ "Add profile section", kó wo abẹ́ "Recommended", á rí "Add featured" níbẹ̀.

Ṣọ́ra fún nǹkan kan kí o tó máa parẹ́. Pósìtì tí o bá yọ kúrò nínú Featured ṣì wà níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, o ò pàdánù rẹ̀. Àmọ́ PDF tí o gbé síbẹ̀ tààrà, inú Featured nìkan ló wà. Rí i dájú pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá sì fẹ́ pààrọ̀ fáìlì náà lọ́jọ́ iwájú, àkọlé àti àlàyé lo lè tún kọ, fáìlì fúnra rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀: yíyọ ni, kí o tún òmíràn gbé síbẹ̀. Tuntun yẹn á bọ́ síwájú, kí o rántí tún un tò.

Ìyá_Aṣọ_Òkè

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń lẹ fọ́tò mọ́ òkè ojú ìwé lẹ ń sọ yìí? Èmi, aṣọ òkè ni mò ń tà, mo lẹ mẹ́ta mọ́ òkè, sányán, àlàárì àti ẹtù, ó ní òun ò gba ìkẹrin.

Wálé_Ayélujára

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ti Instagram nìyẹn, mẹ́ta náà ló ń gbà lóòótọ́. Ti LinkedIn ni àwọn ń sọ, kò sí bí yóò ṣe dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá sọ nípa àkọ́kọ́ kan yín náà: èyí tí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà bèèrè owó rẹ̀ ni kó ṣáájú.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ Power BI yẹn ló mú mi wọlé. Irú líǹkì wo lẹ fi síbẹ̀? Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ rí ní bọ́tìnì "Share", ojú ìwé tó ń béèrè ìméèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni àlejò máa bá. Lójú tiyín, ó ń ṣí dáadáa, torí pé ẹ ti wọlé síbẹ̀. Ẹ ṣí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ búráúsà, níbi tí kò ti mọ̀ yín, ẹ máa rí i bó ṣe rí lójú ẹlòmíì.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Yé! "Sign in" ló ń kọ fún mi. Ó tó oṣù mélòó tó ti wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ohun kan tó ń jẹ́ "Publish to web" nínú Power BI, ṣé kí n lo ìyẹn?

Wálé_Ayélujára

Ẹ dúró ná! "Publish to web" á jẹ́ kí gbogbo ayé rí i láìwọlé, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe àwòrán nìkan ló ń gbé síta. Dátà tó wà lábẹ́ àwòrán náà ti di ti gbogbo ayé, kódà ìlà tí kò hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí orúkọ àwọn tó ń kó oògùn fún oníbàárà yín àti iye tí wọ́n ń rà á bá wà nínú tábìlì náà, ẹ ti tú àṣírí onílé nìyẹn. Tí orúkọ aláìsàn tàbí nọ́ńbà fóònù bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kan òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023.

Ohun tó tọ́ ni kí ẹ fi dátà àtọwọ́dá tún un ṣe. Ẹ mú àwọn òpó tábìlì náà bó ṣe wà, kí ẹ fi orúkọ oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ sí i, kí iye rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀dá fúnra yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbàǹgbà pé àpẹẹrẹ ni dátà yìí. Ìyẹn lẹ lè gbé síta. Tí àkáǹtì yín kò bá gbà yín láyè, nítorí alábòójútó ilé-iṣẹ́ ló máa ń ṣí "Publish to web" sílẹ̀, ẹ fi fídíò ojú kọ̀ǹpútà ìṣẹ́jú kan rọ́pò rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn fídíò jù, torí pé dáṣíbọ́ọ̀dù lórí fóònù máa ń kéré débi pé ojú á máa ro èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Wálé ti sọ ọ́ re. Ó yá, iṣẹ́ oògùn. Àdùkẹ́, kọ ìlà méjì sí ibí yìí: ìṣòro náà, ohun tí o ṣe, àti ohun tó yí padà, bí o ṣe fẹ́ kó hàn lára káàdì.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Mo gbìyànjú: "Mo lo Power BI àti Excel láti ran ilé oògùn mẹ́ta lọ́wọ́ láti mú ìṣàkóso ọjà wọn dára sí i. Oògùn tó ń kọjá ọjọ́ dín kù láti 8% sí 3% láàárín oṣù mẹ́fà."

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ìlà kejì ló yẹ kó ṣáájú. Lára káàdì, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa ń hàn kí wọ́n tó gé e. Bí o ṣe kọ ọ́ yìí, "Mo lo Power BI àti Excel láti ran" ni wọ́n máa kà, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ iye yẹn wò, torí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ máa bi ọ́. 8% kí ni? Ṣé iye páálí ni, àbí iye owó? Páálí parasitamọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún lè má tó owó abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì díẹ̀. Ìkejì, oṣù wo lo fi wé oṣù wo?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Iye owó ni, ẹ̀gbọ́n: nínú ọgọ́rùn-ún náírà oògùn tí wọ́n rà, iye tí wọ́n dà nù torí ọjọ́. Oṣù Kéje sí Oṣù Kejìlá ni mo fi wé Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ta oògùn kan náà. Oògùn ibà á máa yára tà nígbà òjò, oògùn ikọ́ á máa tà nígbà ọyẹ́. Tí o bá fi ìdajì ọdún kan wé ìdajì kejì, apá kan nínú 5 tó dín kù yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ojú ọjọ́, kì í ṣe tìrẹ. Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹfà ti ọdún tó ṣáájú ni kí o fi wé e. Ṣé ìwé ọdún yẹn wà?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ilé méjì nínú mẹ́ta ló ní in. Ẹ̀kẹta ṣì ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá nígbà yẹn, omi sì ti ba àwọn ojú ìwé kan jẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìṣirò ti méjèèjì: 7% sí 4%.

Káyọ̀dé_Màkẹ́tì

Kí ló dé tí a ń bá ara wa jà? 8 sí 3 dùn létí ju 7 sí 4 lọ. Ta ló máa bèèrè?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ẹni tó fẹ́ san owó oṣù fún un ló máa bèèrè. Ohun tí a fi sínú Featured ni wọ́n sábà máa ń fi ṣí ọ̀rọ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tó bá sọ pé 7 sí 4, ní ilé méjì, oṣù kan náà sí oṣù kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dúró. Tí wọ́n bá tún bi í pé ilé kẹta ńkọ́, ìdáhùn wà nílẹ̀.

Àdùkẹ́, ohun kan tún kù: ṣé nǹkan mìíràn yí padà láàárín ìgbà náà? Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹni tó ń kó oògùn fún wọn, àbí wọ́n dín ọjà tí wọ́n ń rà kù torí owó?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Wọn ò pààrọ̀ ẹni tó ń kó o wá. Àmọ́ wọ́n dín ríra kù díẹ̀ ní ilé kan torí pé owó oògùn gbówó lórí.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Kọ ọ́ sí ojú ìwé ìkẹyìn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò ní bà ọ́ jẹ́.

PDF náà, ṣe é ní ojú ìwé mẹ́fà tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti PowerPoint, kó má ṣe ga bíi ti Word, torí pé káàdì náà tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwé tó ga máa ń jẹ́ kí wọ́n gé orí tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé kìíní ni èèpo tó máa hàn lára káàdì: ìlà kan ṣoṣo, lẹ́tà ńlá, ní àárín, "Oògùn tó ń kọjá ọjọ́: 7% sí 4%". Má ṣe kó lógò sí i, má ṣe kó fọ́tò ara rẹ sí i, fọ́tò rẹ ti wà lókè pírófáìlì. Lórí ojú ìwé kejì, sọ ìṣòro náà bí onílé ṣe sọ ọ́. Ẹ̀kẹta: dátà wo lo rí, kí ló ṣàìsí níbẹ̀, ìwé tí omi bà jẹ́ yẹn ni kí o sọ. Ẹ̀kẹrin ni kí o lo àyè fún jù: ohun tí o ṣe gan-an. Kí lo ṣe?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ohun méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rí àkójọ oògùn tó ku 90 ọjọ́ sí ìgbà tí yóò kọjá ọjọ́, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù á sì bọ́ sí iwájú àtẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tà á, ì báà jẹ́ pé òun ni wọ́n rà kẹ́yìn. Èkejì, èyí tí kò bá yá ní ilé kan, wọ́n á gbé e lọ sí ilé tó ti ń yá.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ṣé o rí i? "Mú ìṣàkóso ọjà dára sí i" ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Ohun méjèèjì yìí ni kó wà lórí ojú ìwé kẹrin, pẹ̀lú àwòrán àkójọ ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹ̀karùn-ún: 7 sí 4, pẹ̀lú bí o ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kẹfà: ohun tí iye náà kò lè sọ, àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí ọ.

Èdè tí agbanisíṣẹ́ rẹ ń kà ni kí o fi kọ ọ́ o. Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́ torí pé a wà nílé.

Wálé_Ayélujára

Kí ẹ tó gbé PDF yẹn síta: àwòrán àkójọ ọjọ́ Ajé náà máa ní orúkọ ilé oògùn lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àpótí dúdú bo orúkọ nínú PowerPoint, kí wọ́n wá yí i sí PDF. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ló wà lábẹ́ àpótí yẹn, kò sẹ́ni tí kò lè kà á. Ẹ ṣí PDF náà, ẹ tẹ Ctrl+A, ẹ kó o, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad: orúkọ á jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ gé etí àwòrán kúrò ni, etí náà ṣì lè wà nínú fáìlì PowerPoint, àfi tí ẹ bá lọ sí "Compress Pictures" kí ẹ sì fi àmì sí "Delete cropped areas of pictures".

Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ pa orúkọ náà rẹ́ nínú Excel fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ "Ilé A" àti "Ilé B" rọ́pò, kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí File, Info, "Check for Issues", "Inspect Document" láti yọ orúkọ ẹni tó ṣe fáìlì àti àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ sì yí orúkọ fáìlì padà, torí pé àlejò lè gbà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Portfolio final 2" kò bójú mu, èyí tó ní orúkọ oníbàárà nínú tún burú jùyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé náà. Fi PDF tó ti parí ránṣẹ́ sí i, kí o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ gbà kí n gbé èyí síta láìdárúkọ yín?" Kó fèsì ní kíkọ. Pípa orúkọ rẹ́ nìkan ò tó. Tí o bá kọ pé ilé mẹ́ta, àdúgbò báyìí, Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà á mọ̀ ọ́n. "Ilé oògùn ní ìlú ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù" ti tó.

Dókítà_Yàrá_Ìkàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ jọ́nà ni mo bá wá. Àdùkẹ́ ọmọ mi, ṣé PDF tí jọ́nà tẹ̀ jáde lo gbé síbẹ̀, àbí líǹkì?

Àdùkẹ́_Ìṣirò

PDF ni, mà. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwa òǹkọ̀wé.

Dókítà_Yàrá_Ìkàwé

Yọ ọ́ ná. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló jẹ́ pé òǹkọ̀wé ti fọwọ́ sí i pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀dà tí wọ́n tò tí wọ́n sì tẹ̀. Pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ kò túmọ̀ sí pé o lè tẹ́ ẹ síta. Wo ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀: tí o bá rí "CC BY" níbẹ̀, o lè gbé e síta bó ṣe wà, kí o sáà dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ibi tó ti jáde. Tí kò bá sí, lọ sórí Open policy finder, èyí tí wọ́n ń pè ní Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, kọ orúkọ jọ́nà náà, á sọ ohun tí wọ́n gbà láyè. Àwọn kan gbà kí o gbé ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí àwọn aṣàyẹ̀wò tó kà á síta. Àwọn míì gbà kí o gbé èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí àmọ́ tí wọn kò tíì tò lẹ́tà rẹ̀, nígbà míì lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Líǹkì ni kí o fi síbẹ̀, kó sì jẹ́ ti DOI, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https://doi.org/. Àdírẹ́sì ojú ìwé jọ́nà lè yí padà tí wọ́n bá kó lọ sí ìkànnì mìíràn, ti DOI á máa tọ́ èèyàn lọ síbi tó bá wà. Tí ẹ̀dà tí wọ́n gbà láyè bá wà lọ́wọ́ rẹ, o lè gbé e sórí Zenodo lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà á fún un ní DOI tirẹ̀. Èyí dáa fún ẹni tí kò lówó láti ra àpilẹ̀kọ ní ojú ìwé jọ́nà, torí pé tí agbanisíṣẹ́ bá tẹ líǹkì kó wá bá ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó dọ́là, á kàn padà ni.

Má ṣe fi àkọlé jọ́nà náà sílẹ̀ bó ṣe wà lára káàdì. Àwa ọ̀mọ̀wé mọ àkọlé gígùn í kọ. Kọ ohun tí ẹ rí ní ìlà kan, kí o sì sọ ipa tìrẹ nínú àlàyé: "Èmi ni mo ṣe ìṣirò, mo sì ya àwòrán 2 àti 3." Tí ẹ bá jẹ́ méjì lẹ jọ kọ ọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Àkọlé rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ àti orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, abala "Publications" ni kí o kó wọn sí.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti fi líǹkì DOI sí i, àmọ́ àwòrán tó gbé wá jẹ́ lógò ilé ìtẹ̀wé nìkan, ó sì rí bàìbàì.

Wálé_Ayélujára

Ojú ìwé tí líǹkì náà já sí ni LinkedIn ti ń mú àwòrán. Ẹ ò ní àṣẹ lórí ojú ìwé jọ́nà, torí náà ẹ tẹ pẹ́ńsù lára líǹkì náà, kí ẹ gbé àwòrán tiyín sí i. Ẹ ṣe é ní 1200 sí 627, kí ohun tó ṣe kókó wà láàárín. Ẹ má fi àwòrán inú àpilẹ̀kọ ṣe é, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín jù fún fóònù.

Fún ẹni tó bá ní ìkànnì tirẹ̀, orí ojú ìwé náà ló ti máa tún un ṣe:

```html
<meta property="og:title" content="Akole ise naa">
<meta property="og:description" content="Ila kan pere">
<meta property="og:image" content="https://example.com/eepo.png">
<meta property="og:url" content="https://example.com/ise">
```

Kí àwòrán náà má ju 5 MB lọ. Tí ẹ bá tún un ṣe tán tí àwòrán àtijọ́ ṣì ń jáde, LinkedIn ti fi ti àtijọ́ pamọ́ ni. Ẹ lẹ àdírẹ́sì náà mọ́ https://www.linkedin.com/post-inspector/ kó lè tún un kà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ líǹkì náà kúrò nínú Featured, kí ẹ tún un fi síbẹ̀, torí pé èyí tó wà nílẹ̀ kì í sábà yí padà fúnra rẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ Google Drive lẹ fi ń gbé fáìlì, ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́: "Restricted" tí ẹ gbàgbé láti yí sí "Anyone with the link", àti àwòrán tó máa ń jáde láìní ohunkóhun tó jọ iṣẹ́ yín lára. Ẹ gbé PDF náà sínú Featured tààrà.

Káyọ̀dé_Màkẹ́tì

Èmi ò gba ti tààrà yẹn. Tí PDF bá wà nínú LinkedIn, báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kà á? Lórí ìkànnì tìrẹ, o máa rí iye wọn.

Wálé_Ayélujára

Níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó bá ní ojú ìwé tirẹ̀ lè fi àmì sí ìdí líǹkì kó tó gbé e sínú Featured, báyìí:

```
https://example.com/ise?utm_source=linkedin&utm_medium=featured
```

Google Analytics á ya àwọn tó ti ibẹ̀ wá sọ́tọ̀. Àmọ́ Àdùkẹ́ kò ní ìkànnì, mi ò sì ní sọ pé kó lọ kọ́ ọ torí èyí nìkan.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá

Ẹnu ò kò lórí èyí, ká má tan ara wa. PDF máa ń ṣí kíákíá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dáa, àlejò ò sì ní kúrò lórí pírófáìlì rẹ. Ojú ìwé tìrẹ ṣeé tún ṣe nígbàkígbà láìyọ ohunkóhun, o sì rí iye àwọn tó wá. Fún iṣẹ́ tó ti parí bíi ti oògùn yìí, PDF ni mo máa mú. Fún èyí tí ó ṣì ń yí padà lóṣooṣù, líǹkì.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Mo ti tún un tò. Àkọ́kọ́, PDF ojú ìwé mẹ́fà: "Oògùn tó ń kọjá ọjọ́: 7% sí 4% ní ilé oògùn méjì." Onílé ti fèsì, ó gbà, ó ní kí n yọ iye owó ọjà kan kúrò lórí ojú ìwé kẹrin, mo sì ti yọ ọ́. Èkejì, líǹkì DOI pẹ̀lú àwòrán tí mo ṣe. Ẹ̀kẹta, fídíò dáṣíbọ́ọ̀dù, dátà àtọwọ́dá ni mo lò. Ìkẹrin, pósìtì tí mo kọ nípa bí mo ṣe tún ìwé tí omi bà jẹ́ kà. Lórí fóònù mi, ọ̀rọ̀ ojú èèpo PDF náà hàn, àmọ́ "4%" súnmọ́ etí jù.

Wálé_Ayélujára

Ẹ fa ọ̀rọ̀ náà sí àárín díẹ̀ kí ẹ tún un gbé síbẹ̀, kí ẹ rántí pé á bọ́ síwájú fúnra rẹ̀, kò sí àtúntò tí ẹ máa ṣe. Ẹ ní kí ẹlòmíì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín lórí LinkedIn ṣí i lórí fóònù tiẹ̀. Ní pàtàkì pósìtì ìkẹrin yẹn: tí ẹ bá kọ ọ́ fún "Connections only" nígbà yẹn, àwọn tí ẹ ò tíì mọ̀ ò ní rí i.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Connections only ni o! Mo ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé yí padà.

Káyọ̀dé_Màkẹ́tì

Tí kò bá ṣeé yí, tún un kọ bíi pósìtì tuntun. Kí o sì gbé e síwájú, mi ò tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi.